Ìlà ètò ọjọ́ ìgbéyàwó lórí fóònù: àmì kò jókòó dáadáa, aago náà kò sì dá mi lójú

Àbúrò Ìyàwó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn ní Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2026, èmi ni wọ́n sì fa iṣẹ́ ojú-ìwé ètò ọjọ́ náà lé lọ́wọ́. Líǹkì kan ṣoṣo la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò lórí Wásáàpù. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí ìlà kan tó dúró lóròó, àmì róbótó kan fún ètò kọ̀ọ̀kan, aago ètò náà àti orúkọ rẹ̀. Ìdáná ni a óò fi àárọ̀ ṣe, àpèjẹ yóò sì tẹ̀lé e ní ọ̀sán nínú gbọ̀ngàn kan náà.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Èkíní, ìlà náà ń já láàárín ètò kan sí òmíràn, àmì róbótó náà sì fi díẹ̀ yà sí ọ̀tún, kò jókòó sí àárín ìlà. Èkejì, fọ́ńtì ẹlẹ́wà tí ẹ̀gbọ́n mi yàn ń ba àmì ohùn jẹ́: bí mo bá kọ «ìdọ̀bálẹ̀», àmì orí «ọ̀» a máa fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, «ẹ» náà a sì sanra ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ. Ẹ̀kẹta, mo to ètò mẹ́rìndínlógún, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi han àǹtí wa kan, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Díẹ̀ nínú kóòdù mi nìyí:

```css
.eto li {
  position: relative;
  border-left: 2px solid #7a1f3d;
  margin-bottom: 28px;
  padding-left: 24px;
}
.eto li::before {
  content: "";
  position: absolute;
  left: -7px;
  width: 14px;
  height: 14px;
  border-radius: 50%;
  background: #c9982f;
}
```

Oníkóòdù Òṣogbo

Kú iṣẹ́, àbúrò. Ohun tó ń já ìlà rẹ kò fara sin. Etí òsì `li` kọ̀ọ̀kan ni o fi ṣe ìlà náà, ìta etí yẹn sì ni `margin-bottom` máa ń wà, nítorí náà àyè tí o fi sílẹ̀ láàárín ètò méjì kò ní ìlà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá gbé àyè náà wọ inú, tí o lo `padding-bottom`, ìlà yóò gùn dé ìsàlẹ̀ `li`, èyí tó tẹ̀lé e yóò sì gbà á níbẹ̀ láìsí àlàfo.

Ní ti àmì róbótó, inú ìlà ni búráúsà ti ń ka `left`, kì í ṣe láti ìta rẹ̀. Òdo rẹ̀ wà níbi tí ìlà parí sí ní apá ọ̀tún. Níwọ̀n bí ìlà rẹ ti nípọn tó píksẹ́lì méjì, àárín rẹ̀ wà ní píksẹ́lì kan sẹ́yìn òdo. Àmì tó fẹ̀ tó 14 ní ìdajì 7. Fi 7 kún 1, ìyẹn ni pé `left: -8px` ni kí o kọ. Píksẹ́lì kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú fóònù òde òní mọ́ kedere débi pé ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé nǹkan kan wọ́. Bí o bá wá sọ ìlà di píksẹ́lì mẹ́rin lọ́jọ́ iwájú, `-9px` ni àmì náà yóò fẹ́.

Ohun kan tún kù. Ìlà yóò máa rìn lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ètò ìkẹyìn, bí ẹni pé nǹkan mìíràn ń bọ̀. Fi `border-color: transparent` sí `li:last-child`, ìlà yóò parẹ́ níbẹ̀, àmì yóò sì dúró sí àyè rẹ̀.

Ayàwòrán Mókọlá

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a fi ń fi kóòdù da ara wa láàmú. Èmi máa ń ya ìwé ètò ìgbéyàwó, àwòrán ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Nínú àwòrán, fọ́ńtì kò lè yí padà láti orí fóònù kan sí òmíràn, àmì ohùn kò lè fò, ìlà kò sì lè já. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́, ó parí. Àwọn àgbàlagbà tí kì í tẹ líǹkì náà yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Oníkóòdù Òṣogbo

Òótọ́ ni ti àwọn àgbàlagbà, n kò jiyàn. Àwòrán yóò sì pa fọ́ńtì mọ́ bí o ṣe tò ó, bí fọ́ńtì náà bá ti dára láti orí kọ̀ǹpútà rẹ, nítorí fọ́ńtì tí kò mọ «ọ̀» lórí fóònù kò ní mọ̀ ọ́n nínú ohun èlò tí a fi ń ya àwòrán. Ṣùgbọ́n Wásáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó rán an, lẹ́tà kéékèèké ló sì kọ́kọ́ máa ń jìyà rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ «ṣ» a di eruku. Ohun tó tún burú jù ni pé bí aago bá yí padà ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, àwòrán àtijọ́ ti wà lórí fóònù igba ènìyàn, ẹ kò sì lè pè é padà. Bí àtúnṣe bá wọ ojú-ìwé, ẹni tó bá tún líǹkì ṣí ní àárọ̀ Sátidé yóò rí tuntun. Mo gbà kí ẹ ṣe méjèèjì: àwòrán tó ní orúkọ tọkọtaya, ọjọ́, ibi ayẹyẹ àti aago ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kí ìlà ètò wà nínú líǹkì.

Ní ti fọ́ńtì, àbúrò, àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o ṣàpèjúwe. «Ẹ» tó sanra fi hàn pé fọ́ńtì náà kò ní lẹ́tà yẹn rárá, nítorí náà búráúsà lọ yá a láti inú fọ́ńtì mìíràn. Àmì tó ń fò fi hàn pé fọ́ńtì ní «ọ», ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì ohùn lé. Ó yẹ kí o mọ̀ pé «ó» jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, «ọ» náà sì jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n «ọ́» kò ní àyè tirẹ̀. «Ọ» àti àmì òkè ni a máa ń so pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni «ẹ́», «ẹ̀» àti «ọ̀». Ẹni tó ṣe fọ́ńtì gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí àmì yóò jókòó sí inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì alárà tí wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó kò ní i. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún èdè Fiẹtináàmù. «Ẹ» àti «ọ» máa ń wà nínú wọn nítorí pé èdè yẹn ń lò wọ́n, inú oníṣẹ́ a dùn, àfi ìgbà tó bá kan «ṣ» àti «ọ̀».

Kọ ìlà yìí sí orí ojú-ìwé rẹ, kí o fi fọ́ńtì tí o fẹ́ lò wò ó lórí fóònù méjì tí kì í ṣe irú kan náà:

```html
<p lang="yo">Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ ń ǹ</p>
```

Bí èyíkéyìí bá sanra tàbí tó yà, má ṣe lo fọ́ńtì náà fún ìlà ètò. Noto Serif, Charis SIL àti Gentium Plus gbé gbogbo lẹ́tà Yorùbá dáadáa. Fọ́ńtì alárà ẹ̀gbọ́n rẹ lè wà fún orúkọ tọkọtaya lókè, bí orúkọ wọn bá yọ dáadáa nínú rẹ̀. Sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, `line-height: 1.6` tó, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan má baà gun àmì òkè èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Alága Ìjókòó Ìjẹ̀bú

Mo ka ọ̀rọ̀ yín títí dé ibí. N kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni kí n jókòó fún ẹbí ìyàwó, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí àǹtí rẹ fi rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ìdọ̀bálẹ̀ lórí. Ọkọ yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, alága ìdúró yóò ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó, èmi yóò ní n kò rí àyà wọn nílẹ̀, wọn yóò tún un ṣe. Wọn yóò dìde, wọn yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ọkọ. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bá lówó lọ́wọ́, tí wọ́n sì lójú ayé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe àwàdà, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bínú, nítorí ohun tí wọ́n wá wò gan-an nìyẹn. Bákan náà ni owó ìkanlẹ̀kùn, owó àwọn ìyàwó ilé àti owó ìṣíjú ìyàwó. Àwọn ìyàwó ilé yóò ní owó tí wọ́n gbé wá kò pé, wọn yóò jókòó ti ilẹ̀kùn. Ta ni yóò fi aago lé wọn dìde?

Ohun tó wá burú ni pé ìdádúró kì í dúró sí ojú kan. Bí ẹbí ọkọ bá pẹ́ wọlé pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú, gbogbo aago mẹ́rìndínlógún tí o kọ ti di irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò yóò sì máa wo fóònù, wọn yóò máa ṣọ̀fọ̀ àkókò níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹni tí kì í ṣe ẹbí ń dúró dè. Pásítọ̀ tí yóò gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ń dúró. Alásè fẹ́ mọ ìgbà tí yóò gbé oúnjẹ jáde. Gbọ̀ngàn ní aago tí yóò tì, owó ìtanràn sì wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni kí o fún ní aago. Gbogbo ohun tó wà láàárín, to wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra, má kọ aago sí wọn.

Ìyá Mùbárákà

Alága, ẹ ṣeun mà. Tiwa tí a ṣe ní oṣù tó kọjá, yìgì ni a so, àwa náà sì ní ìwé ètò. Ohun tó dà á rú ni pé a kò rántí fi irun àìlà sí i. Nígbà tí àkókò tó, ààfáà àti ìdajì àwọn ọkùnrin dìde lọ kírun, adarí ètò sì ṣì ń pe ẹbí ọkọ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irun àìlà sí i, kí ẹ sì kọ sàdáàkì síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́ tẹ̀, ṣé bébà tó nípọn ni ẹ óò lò? Ilé ìtẹ̀wé tí a lò fi inki tó ń pa lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò Ìyàwó

Ẹ ṣeun mà. Ìjọ Áńgílíkà ni ìdílé wa ń lọ, nítorí náà kò ní sí yìgì, ṣùgbọ́n ìdílé ọkọ ní àwọn Mùsùlùmí púpọ̀, irun àìlà yóò sì bọ́ sí ìgbà tí tọkọtaya bá lọ pààrọ̀ aṣọ. N óò kọ ọ́ síbẹ̀. A kò pinnu láti tẹ̀ ẹ́ síwèé, àfi bí màmá wa bá fẹ́ ẹ̀dà díẹ̀ fún orí tábìlì àwọn àgbà.

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù, ìlà ti dọ́gba, àmì ti jókòó. Noto Serif ni mo lò, gbogbo lẹ́tà sì yọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi rí àwòṣe kan tí ètò kan wà lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún, tí ìlà wà láàárín. Irú rẹ̀ ló fẹ́. Àwọn ẹbí wa ní London àti Houston yóò sì máa wò ó lórí ayélujára, n kò mọ bí n óò ṣe kọ aago fún wọn.

Ọmọ Ìbàdàn ní London

Jẹ́ kí n dáhùn ti aago. Ọjọ́ tí ẹ mú dára púpọ̀, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Ní ọjọ́ 24 yẹn, aago London àti ti Nàìjíríà ṣì dọ́gba, nítorí òru Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 25, ni wọn yóò dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí. Ká ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbéyàwó náà bọ́ sí ni, aago mẹ́wàá tiwa ìbá jẹ́ aago mọ́kànlá Ìbàdàn, ẹni tí kò bá rántí ìbá sì ti pàdánù ìwọlé ẹbí ọkọ. Àwọn ará Houston wà ní wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn ní ọjọ́ náà, nítorí Sọ́ńdè ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ni wọ́n tó máa dá tiwọn padà. Ètò tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá ní Ìbàdàn, aago márùn-ún ìdájí ni fún wọn. Lo `<time datetime="2026-10-24T11:00+01:00">`, fóònù kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ ọ́ di aago ìlú ẹni tó ń kà á fúnra rẹ̀.

Oníkóòdù Òṣogbo

Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa aago London àti Houston tọ̀nà, àfi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. `time` kì í yí ohunkóhun padà lójú ẹni tó ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí o bá kọ sáàárín rẹ̀ ni yóò yọ. `datetime` wà fún ẹ̀rọ tó bá fẹ́ mọ àkókò gan-an. Bí a bá fẹ́ kí aago yí padà, a gbọ́dọ̀ kọ JavaScript sí i, n kò sì gbà á nímọ̀ràn níbí, nítorí ẹbí láti Houston tó bá ti dé sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó náà, tí fóònù rẹ̀ kò tíì gba aago Nàìjíríà, yóò rí aago márùn-ún ìdájí. Kọ «Aago Nàìjíríà ni gbogbo aago wọ̀nyí» sókè, kí o sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun: London bákan náà, Houston wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn.

Ní ti ètò tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ fóònù kò fẹ̀ ju nǹkan bí 360 píksẹ́lì lọ ní ìwọ̀n CSS. Bí o bá pín in sí méjì, tí o sì yọ àyè ìlà àti etí kúrò, nǹkan bí 150 ni yóò kù fún apá kan, «Kíka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó» yóò sì ṣẹ́ sí ìlà mẹ́ta. Ẹni tó ń kà á yóò tún máa fò sọ́tùn-ún sósì kó tó mọ ohun tó kàn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá gbà, fi ti ọ̀tún-òsì sábẹ́ `@media (min-width: 700px)` kí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà rí i, kí fóònù sì máa lo ti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tí alága sọ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí ó yẹ kí ìrísí ìlà náà fi í hàn. Ètò tó ní aago, fún un ní àmì ńlá. Èyí tí kò ní, fún un ní àmì kékeré. Ẹni tó bá fi ojú sáré lórí rẹ̀ yóò mọ ohun tó gbọ́dọ̀ tètè dé fún láìka gbogbo rẹ̀. Níwọ̀n bí màmá yín ti lè fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwèé, má fi `background` ṣe àmì mọ́. Búráúsà kì í sábà tẹ àwọ̀ ẹ̀yìn síwèé bí kò ṣe pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yàn án, nítorí náà gbogbo àmì yóò parẹ́, ìlà nìkan ni yóò kù. Ṣùgbọ́n `border` máa ń jáde:

```css
.eto li::before {
  content: "";
  position: absolute;
  left: -8px;
  top: 6px;
  border: 7px solid #c9982f;
  border-radius: 50%;
}
.eto li.kekere::before {
  left: -6px;
  top: 8px;
  border-width: 5px;
  border-color: #7a1f3d;
}
```

Yọ `width` àti `height` kúrò pátápátá. Ìnípọn etí náà ló di róbótó fúnra rẹ̀. Fi `break-inside: avoid` sí `.eto li` kí ètò kan má baà pín sí ojú-ìwé méjì nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ayàwòrán Mókọlá

Àmì ńlá àti kékeré yẹn dára, n óò lò ó nínú àwòrán tèmi náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àmì tó ń tàn sí ètò tó ń lọ lọ́wọ́, tó ń tẹ̀lé aago. Ẹ kò ronú lórí irú rẹ̀?

Alága Ìjókòó Ìjẹ̀bú

Ẹ dákun, kí ẹ má dán an wò. Aago yóò sọ pé oúnjẹ ló kàn, ọkọ yóò sì ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn yóò dìde lọ bá alásè.

Oníkóòdù Òṣogbo

A lè ṣe é kí ẹnì kan máa fọwọ́ sún un láti inú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹni náà kò ní jẹun lọ́jọ́ náà.

Àbúrò Ìyàwó

Mo ti tún un tò báyìí, ẹ bá mi wò ó. Àwọn tó ní aago ni àmì ńlá:

10:00, ìjókòó àwọn àlejò.
11:00, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọlé ẹbí ọkọ.
Kékeré: ìwọlé ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀.
Kékeré: kíka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó àti èsì rẹ̀.
Kékeré: ìwọlé ìyàwó, ìkúnlẹ̀ àti ìbùkún àwọn òbí.
Kékeré: ìyàwó dé ọkọ ní fìlà, ó mú Bíbélì àti òrùka nínú ẹrù ìdáná.
Kékeré: fífi obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ wúre.
1:30, oúnjẹ, tọkọtaya pààrọ̀ aṣọ, àyè irun àìlà.
3:00, ìwọlé tọkọtaya fún àpèjẹ.
Kékeré: gígé àkàrà òyìnbó, ijó, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́.
7:00, gbọ̀ngàn yóò tì.

Mo so àwọn ohun tó jọ ara wọn pọ̀, kò sì gùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Alága Ìjókòó Ìjẹ̀bú

Èyí ti dára. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ tó fún ìdáná bí ẹbí ọkọ bá dé lásìkò. Bí wọ́n bá pẹ́, inú àwọn àmì kékeré yẹn ni èmi àti alága ìdúró yóò ti gé e, láti ibi orin àti àwàdà, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé a gé nǹkan. Ẹ má fi ìwúre sẹ́yìn oúnjẹ láé.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò fara mọ́. Lẹ́tà ló yẹ kó ṣáájú ìwọlé ọkọ. Ẹbí rẹ̀ ló wá tọrọ, ó yẹ kí a ka ohun tí wọ́n wá tọrọ, kí a sì fọwọ́ sí i, kí ọmọkùnrin náà tó wọlé wá dúpẹ́.

Ìyá Mùbárákà

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ tán, ó ti jókòó, kí àbúrò ìyàwó tó dìde ka lẹ́tà. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ kó gbọ́ èsì. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbi ìdáná ní Ìbàdàn ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀.

Alága Ìjókòó Ìjẹ̀bú

Mo ti rí i lọ́nà méjèèjì, mà, n kò sì lè sọ pé ti ẹnikẹ́ni kò tọ́. Àbúrò, kí o bi alága ìdúró ẹbí ọkọ kí o tó fi líǹkì ránṣẹ́. Bí àwa méjèèjì kò bá fẹnu kò, so lẹ́tà àti ìwọlé ọkọ pọ̀ sábẹ́ àmì kékeré kan, a óò yanjú èyí tó kù nínú gbọ̀ngàn.

Àbúrò Ìyàwó

Mo ti so wọ́n pọ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú nípa fọ́ńtì; orúkọ ọkọ rẹ̀ ní «ṣ», kò sì yọ dáadáa nínú èyí tó fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ fọ́ńtì alárà kan tó kọjá ìdánwò ìlà Oníkóòdù, kí ó jọ̀wọ́ fi orúkọ rẹ̀ síbí.